Ẹlásítísítì àti òṣùwọ̀n nínú kíláòdù: kí ni ìtumọ̀ wọn gan-an?

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìdánwò àkọ́kọ́ wa lórí kíláòdù ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àmì márùn-ún la fi ń dá kíláòdù mọ̀, àmọ́ "rápíìdì ẹlásítísítì" àti "mẹ́ṣọ́ọ̀dù sáfíìsì" ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú mi. Ṣé kì í ṣe "lo púpọ̀, san púpọ̀" ni àwọn méjèèjì ń sọ? Kí ni ká máa pè wọ́n ní Yorùbá?*

Rárá o, àbúrò. Èkejì sún mọ́ ọ̀rọ̀ owó díẹ̀, àmọ́ òun náà kì í ṣe owó. Ẹlásítísítì ni pé kí ẹ̀rọ inú kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń lò láti ọ̀nà jíjìn lórí nẹ́tíwọ̀kì, fà nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, kó sì súnkì padà nígbà tí iṣẹ́ bá dín. Mẹ́ṣọ́ọ̀dù sáfíìsì ni pé òṣùwọ̀n wà lára iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tó ń ka ohun tí oníkálukú ń lò. Èmi máa ń pe àkọ́kọ́ ní "fífà àti sísúnkì", mo sì ń pe èkejì ní "iṣẹ́ olóṣùwọ̀n".

Ìwé kékeré kan ni àmì márààrún ti wá. SP 800-145 ni wọ́n ń pè é, Peter Mell àti Timothy Grance ló kọ ọ́ fún NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òṣùwọ̀n, ó sì jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Mẹ́ta yòókù kì í sábà da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú: oníbàárà ń mú ohun tó fẹ́ fúnra rẹ̀ láìbá òṣìṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀, ó ń dé ibẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, ì báà jẹ́ fóònù ló mú lọ́wọ́ tàbí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì ń pín àwọn ẹ̀rọ kan náà lò láìmọ ara wọn.

Ó yá, mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Fà á, ó fà. Fi í sílẹ̀, ó padà sí bó ṣe wà. Pípadà yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé. Bí ẹ̀rọ bá lè pọ̀ sí i ṣùgbọ́n tí kò lè dín kù, ó lè dàgbà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe rọ́bà. Ọmọ tó ga kì í padà kúrú.

Wo ojú òpó kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń wo èsì ìdánwò. Lójoojúmọ́, ẹ̀rọ méjì tó o. Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, gbogbo ọmọ á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì nílò ẹ̀rọ mẹ́wàá fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Lórí kíláòdù Amazon, ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ máa kọ sílẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
MinSize: 2
MaxSize: 10
```

Ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ dín sí méjì, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà, yóò fún un ní òfin kan, bíi pé kí iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa wà ní ìwọ̀n ìdá 50 nínú 100. Tí iṣẹ́ bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò pọ̀ sí i. Tó bá rọlẹ̀, wọn yóò dín.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦100 ni ẹ̀rọ kan fún wákàtí kan (mo fi bẹ́ẹ̀ sí i kí ìṣirò lè rọrùn ni). Oṣù ọlọ́jọ́ 30 ní wákàtí 720. Ẹ̀rọ méjì yóò jẹ́ wákàtí 1,440, mẹ́jọ tó kún un lọ́jọ́ èsì yóò jẹ́ wákàtí 48, àpapọ̀ 1,488, owó rẹ̀ ₦148,800. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ mẹ́wàá kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin yóò san ₦720,000. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹni tó fà á, tí kò jẹ́ kó súnkì. Tí ẹ̀rọ mẹ́jọ yẹn bá wà níbẹ̀ fún ogún ọjọ́ gbáko, ₦384,000 ni yóò san lórí ohun tí kò yẹ kó ju ₦4,800 lọ.

Ọ̀rọ̀ "rápíìdì" yẹn náà ń tan èèyàn jẹ. Kíákíá kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ní láti tàn, kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ìyẹn sì lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi ń fa ẹ̀rọ sílẹ̀ ṣáájú aago tí èsì máa jáde. Bákan náà, ìwé NIST sọ pé ohun èlò inú kíláòdù sábà máa ń *dà bí* ohun tí kò lópin lójú oníbàárà. Kò sọ pé kò lópin. Tí o bá rí i nínú ìdánwò pé "ohun èlò kíláòdù kò lópin, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́", bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kó o mú.

Ó wá ku òṣùwọ̀n. Lọ́jà wa, kóńgò ni ti gàrí, ìgò ni ti epo, ọ̀pá ni ti aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń fi kóńgò wọn aṣọ. Bó ṣe rí nínú kíláòdù nìyẹn. Iye àyè tí fáìlì rẹ gbà ni wọ́n fi ń wọn ibi ìpamọ́, àkókò tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀, iye ìsọfúnni tó jáde ni wọ́n fi ń wọn nẹ́tíwọ̀kì. Òṣùwọ̀n sì lè fẹjú, ó sì lè kúnná. Nígbà tí Amazon ṣí EC2, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yá èèyàn ní ẹ̀rọ, lọ́dún 2006, wákàtí ni wọ́n ń kà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí o lò di odindi wákàtí kan. Oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá fún àwọn ẹ̀rọ Linux, tí kò sì gbọdọ̀ dín sí 60.

Mo fi ojú ara mi rí i nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ kan, mo lọ sinmi, bíìlì ṣì wọlé lópin oṣù. Inú bí mi, mo ní olè ni wọ́n. Àṣé kóńgò ti dúró lóòótọ́, ìgò ni kò dúró: díìsìkì ẹ̀rọ náà ṣì gba àyè, èmi kò sì pa á rẹ́.

Ibi tí "lo púpọ̀, san púpọ̀" ti já wá nìyí. Yunifásítì kan lè ní kíláòdù tirẹ̀, kó máa ka ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò, kó fi hàn wọ́n lóṣooṣù, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ olóṣùwọ̀n náà ni, torí kíkà, ìdarí àti ìròyìn ni ìwé yẹn béèrè. Owó lè tẹ̀ lé e, ó sì lè máà tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, tí ìbéèrè bá sọ pé "ilé iṣẹ́ kan dín ẹ̀rọ rẹ̀ kù lóru nígbà tí oníbàárà sùn", fífà àti sísúnkì ni. Tó bá ní "alákòóso ń wo iye àyè tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lò", òṣùwọ̀n ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti fi dẹ páńpẹ́ ni "oníbàárà fi ẹ̀rọ mẹ́ta kún tirẹ̀ lóru láìpe ẹnikẹ́ni": ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ó dà bíi rọ́bà, àmọ́ "láìpe ẹnikẹ́ni" ni wọ́n fẹ́ kí o rí. Ṣe-é-fúnra-ẹ ni ìdáhùn.