Ìwé òrùlé mọ́sáláṣí fún kọ́mítì

"Òrùlé mọ́sáláṣí àdúgbò wa n'Ílọrin ń jò. Káfíńtà mẹ́ta ti kọ iye owó wá, kò sí méjì tó bára mu. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ fún kọ́mítì? Owó àìròtẹ́lẹ̀ àti ìdáwó jámáà ńkọ́?"

Wọn ò lè bára mu, torí ohun tí oníkálukú wọn wọ̀n kò dọ́gba. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ilé náà fúnra yín. Ká ní ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10, gígùn rẹ̀ 15. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ nìkan á ní páànù mítà onígun mẹ́rin 150 ti tó. Ṣùgbọ́n òrùlé ń yọ kọjá ògiri, bíi sẹ̀ntímítà 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì tún dà gẹ̀rẹ́. Bó bá dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì 20, ó ti di 193 nìyẹn. Páànù á gorí ara wọn, nítorí náà ẹ ra 200. Ní ₦8,000 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan (àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ bèèrè iye tọjọ́ náà lọ́jà), ìyàtọ̀ 150 sí 200 jẹ́ ₦400,000. Ẹni tó kọ iye kékeré ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀ nígbà tí òrùlé bá ti ṣí sílẹ̀.

Ẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwọ̀n kan náà àti páànù kan náà, kí wọ́n tún kọ ọ́. Álúmíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 0.55 kì í ṣe ẹgbẹ́ 0.45. Kí iye páànù, igi àti iṣẹ́ ọwọ́ sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Igi ló ń bí owó àìròtẹ́lẹ̀. Ibi tí òjò ti ń wọlé, abẹ́ páànù ni igi ti ń jẹrà, pàápàá ní orí ògiri, ikán sì lè ti jẹ inú rẹ̀ tí ojú ṣì ń dán. Ẹ ṣí àwọn pákó àjà díẹ̀, kí ẹnìkan fi sukurudiráfà gún orí àwọn igi náà. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi náà ti lọ. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, ìdá 10 nínú 100 àròpọ̀ owó iṣẹ́ náà tó fún owó àìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá rí inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìdá 15. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà mọ iye rẹ̀. Akápò ni yóò máa mú un jáde, lẹ́yìn tí ẹni méjì bá ti fojú rí igi tó bàjẹ́.

Àpẹẹrẹ wa rèé: páànù ₦1,600,000, igi, ìṣó àti oògùn ikán ₦900,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦300,000, àròpọ̀ ₦2,800,000. Ìdá 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦420,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦3,220,000.

Lórí ìdáwó, ẹ fa ìlà méjì: ohun tí wọ́n ṣèlérí àti ohun tó ti wọlé. Ìlà kejì nìkan ni ẹ fi ṣírò. Kí ẹ kọ ọ́ gbangba sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ká páànù kan kúrò títí owó páànù, igi àti àìròtẹ́lẹ̀, ìyẹn ₦2,920,000, yóò fi pé lọ́wọ́. A lè san iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà kan á ní ká bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ rán wọn létí pé ìjì máa ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò níbí, ilé tí kò lórí ò sì ní dúró dè é. Oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ sí.