Ìdí tí ọ̀rọ̀-ìṣe Lárúbáwá fi ń yí padà nígbà tí orúkọ bá ṣáájú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, nínú Lárúbáwá, kí ló dé tó fi jẹ́ "kataba l-awlaadu", àmọ́ tí orúkọ bá ti ṣáájú, ó di "al-awlaadu katabuu"? Àwọn ọmọ kan náà ni, ìwé kan náà ni wọ́n kọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó tọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀-ìṣe Lárúbáwá kan kì í ní ju olùwà kan lọ, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fáílì ni wọ́n ń pe olùwà yìí ní ilé kéú, ìyẹn ẹni tó ṣe ìṣe náà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì máa ń wà. Kì í ṣáájú rẹ̀ láé.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ kọ yẹn, kataba ló ṣáájú, awlaadu sì tẹ̀lé e. Awlaadu ni fáílì. Nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, júmúlà fíílíyà ni wọ́n ń pè é, ká sọ pé gbólóhùn oníṣe. Ẹ wá wo "uu" tó wà lẹ́yìn katabuu. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àmì ọ̀pọ̀ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. "Wọ́n" gan-an ni, òun fúnra rẹ̀ sì ni fáílì. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé "katabuu l-awlaadu" ti fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan ní fáílì méjì, "wọ́n" kan, "àwọn ọmọ" kan. Bí àwọn ọmọ náà tilẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún, kataba ni yóò máa jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wọn bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tí al-awlaadu bá ṣáájú, kì í ṣe fáílì mọ́. Múbùtádà ni, ìyẹn ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, gbólóhùn náà sì ti di júmúlà ìsìmíyà, gbólóhùn olórúkọ. Kataba ṣì ń wá fáílì tirẹ̀ lẹ́yìn, arọ́pò-orúkọ ló sì máa rí níbẹ̀. Arọ́pò-orúkọ yìí gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń tọ́ka sí mu: akọ tàbí abo, ẹyọ kan, méjì tàbí púpọ̀. Èdè tiwa náà ní irú rẹ̀: "Àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ti kọ̀wé." A dárúkọ wọn, a dánu dúró díẹ̀, a sì fi "wọ́n" dá wọn padà sínú ọ̀rọ̀. Bí "al-awlaadu katabuu" ṣe rí lára ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá to gbogbo rẹ̀. Tí orúkọ bá ṣáájú: al-waladu kataba fún ọmọkùnrin kan, al-waladaani katabaa fún méjì, al-awlaadu katabuu fún púpọ̀, al-bintu katabat fún ọmọbìnrin kan, al-bintaani katabataa fún méjì, al-banaatu katabna fún púpọ̀. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣáájú, oríṣi méjì péré ló kù: kataba fún gbogbo ọkùnrin, katabat fún gbogbo obìnrin. A ó máa pe èkejì ní katabati bí "al" bá tẹ̀lé e, kí kọ́ńsónáǹtì méjì má baà forí gbárí: katabati l-banaatu.

Ẹni tó fọkàn bá a lọ lè béèrè pé, kí ló dé tí "t" obìnrin yìí fi lè dúró níwájú fáílì, tí "uu" kò sì lè dúró? Ìdí ni pé "t" kì í ṣe arọ́pò-orúkọ. Àmì tó ń sọ fún wa pé abo ni fáílì tó ń bọ̀ ni, kò sì gba àyè fáílì. Ìdí nìyẹn tí akọ àti abo fi ń hàn nínú gbólóhùn méjèèjì, àmọ́ tí iye kì í hàn àfi nínú olórúkọ.

Àpẹẹrẹ tó mú méjèèjì papọ̀ wà nínú aáyá àkọ́kọ́ Súrátùl-Munaafikuun: "Isaa jaa-aka l-munaafikuuna kaaluu", ìyẹn, nígbà tí àwọn mùnáfíkì bá wá bá ọ, wọ́n á sọ pé. Jaa-a wà ní ẹyọ nítorí pé al-munaafikuuna tó tẹ̀lé e ni fáílì rẹ̀. Nígbà tó fi máa kan kaaluu, orúkọ wọn ti kọjá, kò sí orúkọ kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣe fáílì mọ́, "uu" sì jókòó síbẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nínú ìwé tí wọ́n ń kọ. Wọ́n á kọ "jaa-a l-awlaadu" dáadáa, wọ́n á wá fi "wa jalasa" tẹ̀lé e bí ẹni pé ọmọ kan ló jókòó. "Wa jalasuu" ló tọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa bi ní ìbéèrè tirẹ̀: ṣé orúkọ tó jẹ́ fáílì rẹ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ? Bó bá ń bọ̀, ẹyọ ni. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹni tó ń tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ tó ti kọjá, kí ẹ sì bá a mu. Ẹ rántí pẹ̀lú pé a máa ń kọ álífù kan tí a kì í pè sí ẹ̀yìn "uu" yìí nínú katabuu, àmọ́ álífù náà á yọ kúrò bí arọ́pò mìíràn bá lẹ̀ mọ́ ọn, bíi katabuuhu, wọ́n kọ ọ́.

Nínú ìṣe tó ń lọ lọ́wọ́, òfin kan náà ni: yaktubu l-awlaadu, al-awlaadu yaktubuuna. Ti àwọn obìnrin ló nílò ìṣọ́ra, torí pé taktubu l-banaatu la ó sọ, àmọ́ bí wọ́n bá ṣáájú, al-banaatu yaktubna ni. "Ta" iwájú ti di "ya". Ẹni tó bá kọ taktubna ti yí i padà sí "ẹ̀yin obìnrin ń kọ̀wé".

Ohun tí kì í ṣe ènìyàn, bó bá pọ̀, bí obìnrin kan ṣoṣo la ṣe ń lò ó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún: akalati l-kilaabu, al-kilaabu akalat, àwọn ajá jẹun.

Àwọn orúkọ ọ̀pọ̀ tí ara wọn yí padà, tí wọn kò kàn gba "uuna" tàbí "aat" lẹ́yìn, tún gbà akọ tàbí abo bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣáájú. Nínú Súrátù Yuusuf, aáyá 30, "kaala niswatun" ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni wọ́n. Nínú Súrátùl-Hujuraat, aáyá 14, "kaalati l-a'raabu" ni, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni àwọn ará aṣálẹ̀ náà. Ẹni tó bá wò wọ́n bí àwùjọ, jamaa-atun tó jẹ́ abo, á lo "t"; ẹni tó bá wò wọ́n bí jam-un tó jẹ́ akọ, á fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí iye ti yí padà nínú méjèèjì.

Ẹ lè bá "wa asarruu n-najwa llasiina salamuu" pàdé nínú Súrátùl-Anbiyaa, aáyá 3, kí ẹ rò pé òfin ti já, torí pé "uu" wà nínú asarruu, allasiina sì tún tẹ̀lé e. Àlàyé tó gbajúmọ̀ ni pé "uu" ṣì ni fáílì, allasiina wá láti ṣàlàyé ẹni tí "wọ́n" náà jẹ́, bádàlì ni wọ́n ń pè é: "wọ́n sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, àwọn alábòsí yẹn." Àwọn Lárúbáwá kan láyé àtijọ́ náà tilẹ̀ máa ń fi ọ̀pọ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀ nínú èdè àdúgbò tiwọn, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tàbí ìwé tí ẹ bá ń kọ, àṣìṣe ni wọ́n máa kà á sí.