Ta Ló Wà Lókè Nígbà Tí Àmì Bá Dọ́gba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nínú ìdíje àdúgbò wa, ikọ̀ mẹ́ta ni àmì wọn dọ́gba nígbẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ góòlù tiwa ló dára jù, àwa náà la sì borí ikọ̀ tí wọ́n gbé ife fún nígbà tí a jọ pàdé. Ṣé èyí kò lòdì sí òfin FIFA? Ṣé kí a pe ẹjọ́?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé òfin ìdíje yín kà. Kò sí òfin FIFA kankan tó pàṣẹ pé ìyàtọ̀ góòlù ni kí gbogbo ìdíje máa lò. Òfin mẹ́tàdínlógún tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù ń sọ nípa pápá, ọ̀fúsáìdì, pẹnárítì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí a ṣe ń to àtẹ líìgì. Ẹni tó gbé ìdíje kalẹ̀ ló ni àṣẹ láti yan ohun tí yóò lò, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó wáyé. N kò tíì rí ìwé òfin tiyín, nítorí náà n kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ tàbí pé wọn kò rẹ́ yín jẹ. Èyí tí mo lè sọ ni pé àwíjàre méjèèjì tí ẹ mú wá kò tíì tó láti fi gba ife.

Ìyàtọ̀ góòlù ni góòlù tí ikọ̀ kan gbá wọlé nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí wọ́n gbá wọ ilé tirẹ̀ kúrò. Òun ni líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́kọ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni Manchester City ṣe gba ife ní sáà 2011/12 nígbà tí àwọn àti Manchester United jọ ní àmì 89: City ní +64, United ní +56. Ní Sípéènì, èsì ìfojúkojú ló ṣáájú, ìyẹn ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ikọ̀ tí àmì wọn dọ́gba nìkan. Ní sáà 2006/07, Real Madrid àti Barcelona jọ ní àmì 76. Ìyàtọ̀ góòlù Barcelona jẹ́ +45, ti Madrid kò ju +26 lọ, síbẹ̀ Madrid ló gba ife, nítorí pé wọ́n borí Barcelona pẹ̀lú 2-0 nílé, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3-3 níbi tí Barcelona ti gbà wọ́n lálejò. Ká ní Barcelona gbá bọ́ọ̀lù yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn ni ì bá gba ife.

Ìdí nìyẹn tí àwíjàre yín àkọ́kọ́ kò fi múlẹ̀. Èkejì ló ń kó àwọn ènìyàn ṣìnà jù, mo sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kóòṣì tó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé èsì ìfojúkojú kò ju "ta ló borí ta" lọ. Bí ikọ̀ méjì péré bá dọ́gba, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ rárá: a ó ya àtẹ kékeré tuntun fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó pa gbogbo èsì tí ikọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ tì, a ó sì tún àmì kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìsọ̀rí G nínú ìdíje ìpegedé fún Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ti 2012, níbi tí Gúúsù Áfíríkà, Nìjẹ̀r, Sàró àti Íjíbítì wà. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn tó wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Nìjẹ̀r ní àmì 9, Gúúsù Áfíríkà àti Sàró sì ní 8 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ náà, Íjíbítì na Nìjẹ̀r pẹ̀lú 3-0, Gúúsù Áfíríkà àti Sàró sì gbá ọ̀mì 0-0 ní Nelspruit, ni gbogbo wọn bá di alámì 9. Ìyàtọ̀ góòlù Gúúsù Áfíríkà jẹ́ +2, ti Sàró jẹ́ òdo, ti Nìjẹ̀r sì jẹ́ -2. Kóòṣì Gúúsù Áfíríkà, Pitso Mosimane, àti àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí pápá ká, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀, èsì ìfojúkojú ni òfin CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹ yọ Íjíbítì kúrò, kí ẹ wá ṣírò. Nìjẹ̀r pàdánù 0-2 ní Gúúsù Áfíríkà, ó borí 2-1 nílé. Ó na Sàró 3-1 nílé, ó sì pàdánù 0-1 lọ́hùn-ún. Ìborí méjì nìyẹn, àmì 6. Gúúsù Áfíríkà borí Nìjẹ̀r lẹ́ẹ̀kan, ó pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ọ̀mì 0-0 lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Sàró: àmì 5. Sàró náà ní 5. Nìjẹ̀r ló wà lókè, òun ló sì lọ. Àjọ bọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí CAF, wọ́n sì tún fà á sẹ́yìn nígbẹ̀yìn, nítorí pé òfin náà ti wà ní kíkọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún fara balẹ̀ wo nǹkan kan níbẹ̀. Bí a bá fi Gúúsù Áfíríkà àti Nìjẹ̀r nìkan kojú ara wọn, àmì wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n àpapọ̀ góòlù jẹ́ 3-2 fún Gúúsù Áfíríkà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe dáadáa jù láàárín àwọn méjèèjì ló ṣe ipò kejì nínú àtẹ ẹlẹ́ni mẹ́ta, nítorí pé ọ̀mì méjì pẹ̀lú Sàró já a sílẹ̀. Nítorí náà, pé ẹ borí ikọ̀ tó gba ife kò sọ nǹkan kan fún mi títí ẹ ó fi sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe pẹ̀lú ikọ̀ kẹta. Ẹ kò kọ ìyẹn sínú ìbéèrè yín, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ gan-an ni ife ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìdíje mìíràn máa ń lo ọ̀nà méjèèjì, èyí tó ṣáájú ló yàtọ̀. Nínú Ife Àgbáyé 1994, Nàìjíríà, Bùlgáríà àti Ajẹntínà jọ ní àmì 6. Ìyàtọ̀ góòlù ni FIFA kọ́kọ́ wò, Nàìjíríà sì ṣe kìíní pẹ̀lú +4. Àwọn méjì yòókù jọ ní +3, góòlù tí wọ́n gbá wọlé tún dọ́gba, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wo ìfojúkojú, tí 2-0 tí Bùlgáríà fi na Ajẹntínà sì gbé e sípò kejì. Àmọ́ ẹ má ṣe gbé òfin ọdún kan lé ìdíje ọdún mìíràn lórí, nítorí pé wọ́n máa ń yí i padà.

Ní tèmi, níbi tí gbogbo ikọ̀ bá ti pàdé ara wọn nílé àti lóde, mo fẹ́ràn ìfojúkojú, nítorí kì í jẹ́ kí ẹni tó fi góòlù mẹ́jọ na ikọ̀ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá jèrè rẹ̀ lórí alátakò gidi. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, bíi ti Champions League láti 2024, níbi tí ikọ̀ 36 wà lórí àtẹ kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì gbá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ lọ, ìyàtọ̀ góòlù ni kò ṣeé yẹra fún.

Ẹ gba ìwé òfin yín lọ́wọ́ akọ̀wé ìdíje. Bí ó bá kọ ìfojúkojú síwájú, ẹ ya àtẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí mo ṣe yà á, kí ẹ sì gba ohun tó bá jáde. Bí ó bá kọ ìyàtọ̀ góòlù síwájú, tàbí tí wọn kò kọ nǹkan kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá òfin sílẹ̀ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, ẹ ní ẹjọ́ láti pè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ so èsì gbogbo mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí gbèdéke ìfisùn tó kọjá, torí ọ̀pọ̀ ìdíje kì í fún ènìyàn ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.