Lẹ́tà ìparí gbèsè láti báńkì: kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìbéèrè: Báńkì ti kọ iye tí mo máa san kí gbèsè mi lè tán. Ìwé ilẹ̀ mi wà lọ́wọ́ wọn. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣírò owó náà dé, torí èlé kì í sinmi. Ká ní ojú owó tó kù jẹ́ ₦3,650,000, tí èlé sì jẹ́ ₦24 lórí ₦100 lọ́dún. Èlé ọdún kan á jẹ́ ₦876,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, ₦2,400 ni ti ojúmọ́ kan. Bó bá ti pé ọjọ́ 12 tí ẹ ti san èlé kẹ́yìn, ₦28,800 ló ti gorí rẹ̀, àpapọ̀ wá di ₦3,678,800. Tí owó yín bá pẹ́ ọjọ́ 4 kó tó wọlé, ₦9,600 tún kún un. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ láìsan, torí ìyókù kékeré yẹn lè mú kí wọ́n má tíì pa àkáǹtì gbèsè náà dé.

Bí wọ́n bá kọ ₦2,433.33 fún ojúmọ́, ọjọ́ 360 ni wọ́n fi pín in. Ẹ wo ìwé àdéhùn yín bóyá bẹ́ẹ̀ lẹ jọ sọ.

Ti ìwé ilẹ̀ ló ká mi lára jù. "Gbèsè ti tán" nìkan ò tó. Kí lẹ́tà sọ pé báńkì máa dá ìwé náà padà, pé wọ́n á sì buwọ́ lu ìwé ìtúsílẹ̀ ilẹ̀, kí ó sì dárúkọ ọjọ́. Tí wọ́n bá ti forúkọ ìdógò náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀, ẹ forúkọ ìtúsílẹ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ náà á ṣì bá orúkọ báńkì lórí rẹ̀.