Aṣọ inú fọ́tò: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà ọjà, oníbàárà mi kan fi fọ́tò ìyá ìyàwó ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Aṣọ búlúù oní-funfun ló ró, léèsì kiríìmù ni bùbá rẹ̀, gèlè rẹ̀ sì dà bí aṣọ òkè. Mo fi fọ́tò náà síbí. Ó ní kí n wá irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún èèyàn méjìlá. Báwo ni mo ṣe lè mọ aṣọ tí wọ́n jẹ́ láti inú fọ́tò, ibo ni kí n sì ti rà wọ́n? Òṣogbo ni mo wà."

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì lọ sí ọjà kankan. Ìró yẹn ló lè jẹ yín lówó jù tí ẹ bá ṣì í mọ̀, torí aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ lójú fóònù: àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fọwọ́ kọ, kàǹpálà tí wọ́n fi ìda gbígbóná ṣe, àti àǹkárá tí ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí lára. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ta kálukú, owó wọn kò sì bára mu rárá.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ fọ́tò gidi. Èyí tó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta kọjá lórí WhatsApp ti pàdánù gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ẹ sọ fún oníbàárà yín pé kó fi ránṣẹ́ bíi `Document`, kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán. Tó bá mọ ẹni tó ni aṣọ náà, kó bá yín ya mẹ́ta sí i: etí aṣọ, ẹ̀yìn aṣọ, àti ojú aṣọ láti ìtòsí pẹ̀lú bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ìta, lábẹ́ òjìji. Bébà yẹn ṣe pàtàkì. Iná inú gbọ̀ngàn máa ń sọ funfun di kiríìmù, ó sì máa ń sọ aró tó jinlẹ̀ di dúdú.

Ẹ̀yìn aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní tí ẹ̀yìn kò bá mọ́lẹ̀ kedere bí ojú, ayédèrú ni. Òótọ́ nìyẹn fún wáàsì, ìyẹn àǹkárá tí wọ́n fi ìda ṣe, torí pé ojú méjèèjì ni wọ́n ti ń tẹ ìda sí i, ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́kọ, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sí, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé bátànì sí tẹ̀ ẹ́. Tí aṣọ náà bá wọ inú ìkòkò aró, kò sí ẹ̀kọ tó máa dá aró dúró ní ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ gidi máa ń ṣókùnkùn ju ojú lọ: búlúù kún un, bátànì sì hàn fírífírí bí òjìji. Àǹkárá olójú kan ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń funfun ju ojú lọ, torí àwọ̀ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sójú kò mu dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn méjèèjì kò mọ́lẹ̀ kedere, àmọ́ ọ̀kan lọ síhà aró, èkejì lọ síhà funfun. Ti kàǹpálà, ìda gbígbóná máa ń mu aṣọ já, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ á sì jọra.

Tí ẹ kò bá rí fọ́tò ẹ̀yìn gbà, ẹ wo ibi tí ìró ti ṣẹ́ po ní ẹsẹ̀, tàbí ibi tó ti ká ní ìbàdí. Ẹ̀yìn aṣọ máa ń yọ níbẹ̀ díẹ̀. Nínú fọ́tò tí ẹ fi síbí, etí ìró ti yí padà lókè bàtà ọ̀tún, búlúù tó ki ló sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣe ìyẹn.

Ohun kejì ni àṣìṣe. Ẹ wá àbùkù kan lára bátànì, kí ẹ wá wò ó bóyá ó tún yọ níbòmíràn. Ìró yìí, bátànì Ìbàdàndùn ni: ẹ wo òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú ojú bátànì kan létí orúnkún. Òpó kẹta sanra ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀kọ sì kán sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀, ó di àmì funfun roboto. Ẹ wá bọ́ sí ojú bátànì tó ní irú òpó kan náà nítòsí ìbàdí: òpó kẹta rẹ̀ tín-ín-rín, kò sí àmì kankan. Ọwọ́ èèyàn nìyẹn. Ká ní aṣọ ẹ̀rọ ni, gbogbo òpó kẹta ni ì bá sanra, gbogbo wọn ni ì bá sì ní àmì náà, nítorí ohun tí wọ́n fín sára rólà ló ń padà wá nígbàkígbà tí rólà bá yí tán. Báyìí náà lẹ ṣe máa mọ wáàsì gidi. Bátànì rẹ̀ máa ń padà, àmọ́ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí aró gbà wọlé níbi tí ìda ti sán kì í padà. Tí ìlà sísán yẹn bá ń jọra láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí òmíràn, ìtẹ̀ ló fi ń ṣe bíi wáàsì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé etí aṣọ nìkan. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí etí aṣọ náà.

Ó dá mi lójú, ẹlẹ́kọ ni ìró yẹn, ẹ kò sì nílò láti kúrò ní Òṣogbo nítorí rẹ̀. Ìlú aró la wà. Ẹ gbé fọ́tò náà tọ àwọn aláró lọ, kí ẹ má lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àdìrẹ ní ìsọ̀ nìkan, torí ẹ óò fi bátànì hàn àwọn aláró, wọn ó sì bá yín kọ ọ́. Ìró ẹnì kan gba yáàdì méjì ààbọ̀. Èèyàn méjìlá jẹ́ ọgbọ̀n yáàdì, ìyẹn péèsì mẹ́fà oní yáàdì márùn-ún. Ẹ ra péèsì keje. Aṣọ òwú máa ń súnkì tí omi bá kàn án, ẹlòmíràn nínú méjìlá yẹn á sì sanra. Kí wọ́n rẹ méjèèje láró nínú ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Iye ìgbà tí aṣọ wọ inú aró tó sì jáde sí atẹ́gùn ló ń sọ bó ṣe máa jinlẹ̀ tó, agbára ìkòkò sì ń dín kù bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tí ẹ bá padà lọ rẹ péèsì kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò yàtọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi í pa mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá tò sójú kan. Tí oníbàárà bá sọ pé àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú lòun fẹ́, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni kí ẹ lọ, wọ́n ní ti ọwọ́, wọ́n ní ti ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yí wò.

Kí télọ̀ tó fi síṣọ́ọ̀sì kan ìró náà, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún. Tó bá ṣì yọ búlúù, ẹ tún un fọ̀. Bùbá léèsì ni wọ́n máa wọ̀ lé e, òógùn ọjọ́ ìnáwó á sì gbé aró sórí léèsì náà ní ìbàdí. Mi ò mọ ohun tó ń dun oníbàárà jùyẹn lọ.

Ní ti léèsì, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ló so òdòdó mọ́ òdòdó? Tí àwọ̀n kéékèèké bí afárá oyin bá wà láàárín wọn, oní-nẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ okùn ló so wọ́n láìsí aṣọ lábẹ́, kọ́ọ̀dù ni. Tí aṣọ òwú tó ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá wà lábẹ́, tí ihò roboto tí wọ́n fi òwú yí etí rẹ̀ ká sì wà lára rẹ̀, ìyẹn ni fóìlì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dráì léèsì. Èyí tó wà lọ́rùn ìyá ìyàwó yìí ní ihò olétí, awọ ara rẹ̀ sì hàn láti inú ihò nìkan. Fóìlì ni. Láti àwọn ọdún 1960 ni irú rẹ̀ ti ń wá láti Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria, àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà báyìí kò ti ibẹ̀ wá. Balógun ní Èkó tàbí Gbàgì ní Ìbàdàn lẹ óò ti rà á, ní yáàdì márùn-ún márùn-ún. Péèsì mẹ́fà tó fún bùbá méjìlá. Ní ìsọ̀, ẹ fa òwú kan yọ, kí ẹ tanná ràn án. Òwú gidi máa ń jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Pọ́lísítà máa ń yọ́ di kókó líle, ooru rẹ̀ á sì pọ̀ lára ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Ẹ má fi ojú mú àwọ̀ kiríìmù. Ẹ wá ohun funfun nínú fọ́tò, bí aṣọ orí àga tó wà lẹ́yìn ìyá náà. Tí aṣọ àga yẹn bá pọ́n díẹ̀, iná ló ń ṣe é, léèsì náà sì lè jẹ́ funfun ní tòótọ́. Nínú fọ́tò yín, ó pọ́n.

Gèlè yẹn kò lè ṣì wá lọ́nà. Ojú ìrán ń sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀, àlàfo àárín wọn dọ́gba, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ìlà àwọ̀ tó kọjá ojú ìrán kan kò bá èkejì pàdé dáadáa, ó fi bí okùn òwú méjì yẹ̀. Òfì ló ń fa ìyẹn, nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ hun máa ń fẹ̀ lọ gbọọrọ láìsí ìrán. Búlúù dúdú tó ní ìlà funfun tín-ín-rín bí ìyẹ́ ẹtù ni, nítorí náà ẹtù lẹ óò béèrè fún. Àwọn ìlà tó ń dán jẹ́ ṣáínì-ṣáínì, ẹ sọ fún ahunṣọ bóyá ẹ fẹ́ ẹ tàbí ẹ kò fẹ́ ẹ. Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n hun ún ní àwọ̀ kan náà fún gbogbo méjìlá. Ọ̀jẹ́ ní Ìbàdàn dára tí ẹ bá fẹ́ èyí tó ti wà nílẹ̀, àmọ́ ẹ lè má rí méjìlá tó dọ́gba. Ẹ ka iye tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú gèlè inú fọ́tò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, nítorí gèlè tó dín tẹ́ẹ́rẹ́ kan kù kì í wé dáadáa, ọ̀pọ̀ alágbàtà sì ń dín in.

Ti ahunṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ san, kí ẹ tó ra léèsì. Òun ló ń pẹ́ jù.