Ọ̀nà mélòó la lè gbà pe "ọkọ" tí wọn ò bá fi àmì ohùn sí i?

Mẹ́rin ni. Tó bá jẹ́ re-re, ọkọ ni, ẹni tó fẹ́ obìnrin. Re-mí ni ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, re-dò sì ni ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Dò-dò ni ọ̀kọ̀, ohun ìjà gígùn tó ní ṣóńṣó lẹ́nu. Má wá ìpè tó fi mí bẹ̀rẹ̀, torí fáwẹ́lì tó ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ kì í gba ohùn òkè nínú Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nítòsí ló sábà máa ń tú u fó. "Wọ́n wa ọkọ lọ" kò lè jẹ́ nǹkan míì ju ọkọ̀ lọ. Àmọ́ "Mo rí ọkọ Bọ́lá" ò ṣeé dá mọ̀: ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá a mu. Èyí tó tún burú ni "wọ ọkọ" tí kò ní àmì, torí ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ wọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ pé obìnrin kan wọ ọkọ̀ lè dà bí ẹni tó ń sọ pé ó wọ́ ọkọ rẹ̀ nílẹ̀!

Tí àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà "ọ" bá tún sọnù, oko náà á dara pọ̀ mọ́ wọn.