Ohùn Ọmọ Mi Ni, Ṣé Òun Ló Ń Sọ̀rọ̀?

*Àǹtí wa, gààrí ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láàárọ̀ yìí, nọ́ńbà tuntun kan fi ohùn ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Ó ní ọlọ́pàá mú òun, fóònù òun ti sọnù, kí n san ₦450,000 sí àkáǹtì lọ́yà òun kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, kò gbé e. Ohùn rẹ̀ ni, èmi ni mo bí i. Ṣé kí n kó owó àjọ mi?*

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí owó àjọ yẹn ṣì wà níbi tó wà.

Mi ò bá yín jiyàn lórí ohùn. Bí ọmọ yín bá ti gbé fídíò ọjọ́ ìbí sórí Fesibúùkù rí, ọ̀rọ̀ tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú ti tó olè láti fi ẹ̀rọ da ohùn rẹ̀ kọ. Olè lè tẹ ọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ kà á jáde lóhùn ọmọ yín. Níbẹ̀, àmì ohùn Yorùbá sábà máa ń ṣì. Ó sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀rọ fi ohùn ọmọ yín bo tirẹ̀. Ẹ tún un gbọ́. Ṣé Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ jọ ń sọ nílé ló sọ, àbí Yorùbá inú rédíò? Bó bá jẹ́ ti rédíò, ẹ fura. Bó sì jẹ́ Ìjẹ̀bú, ẹ má tíì gbà á gbọ́, torí olè náà lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Lọ́yà yẹn gan-an ló mú ara fu mi jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá kì í gba owó béèlì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mú, lọ́yà tó máa dúró tì í ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ sì ni. Èwo wá ni ti náírà nínú bánkì Nàìjíríà? Àti pé ta ni wọ́n ń mú ọmọ rẹ̀ nílé wa níbí tí kì í pe ẹbí jọ?

Ọmọ yín lè wà lẹ́nu iṣẹ́, kó má gbọ́ fóònù. Ẹ pe ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Bí nọ́ńbà tuntun náà bá pè, ẹ má bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìwé tó lọ. Fesibúùkù mọ gbogbo ìyẹn. Ẹ ní, "Gààrí tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ṣé ó ti tán?" nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Ọmọ yín á ní, "Gààrí wo, Màámi?" Olè á ní ó kù díẹ̀, á sì yára padà sórí owó. Fídíò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kò sàn ju ohùn lọ, torí ẹ ò lè bi í léèrè.

Ká ní ẹ ti san owó náà ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì bánkì yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n bá bánkì kejì sọ̀rọ̀ láti di owó náà mú kí olè tó gbé e lọ.

Bí ọmọ yín bá gbé fóònù lálẹ́ òní, kí ẹ jọ mú ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa sọ fún yín kó tó dárúkọ owó. Ẹ má kọ ọ́ sórí Wásáàpù o, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́.